Bí a ṣe ń fi ìwòye mẹ́ta wo ọ̀rọ̀ kan nínú sosiọ́lọ́jì

Ẹ káàbọ̀ o. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bèèrè bí ẹ ṣe máa kọ irú ìdáhùn yìí, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìtumọ̀ ìwòye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́ńṣọ́nálísíìmù, ìforígbárí àti ìbáṣepọ̀, wà nínú ìwé yín, mi ò ní kà á fún yín. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ wò nìyí: ilé ẹ̀kọ́ kan fi èsì ìdánwò pín àwọn ọmọ, àwọn tó mókè sí kíláàsì A, àwọn tó rẹ̀yìn sí kíláàsì D.

Ẹ má tíì dárúkọ ìwòye kankan. Ìbéèrè tí ìwòye kọ̀ọ̀kan ń bèèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Fọ́ńṣọ́nálísíìmù ń bèèrè pé: iṣẹ́ wo ni ìpín yìí ń ṣe fún àwùjọ? Davis àti Moore, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì méjì, sọ ní 1945 pé àwùjọ nílò ọ̀nà tí ipò pàtàkì yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ìpín yìí ń ṣa irú wọn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń bí mi nínú rèé: ọ̀pọ̀ yín á dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ńṣe ni ìwòye yìí kàn ń yin nǹkan. Rárá o! Merton, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì bíi tiwọn, ti là á yé wa pé ohun kan náà lè máa pa àwùjọ lára. Bí àwọn ọmọ D bá pa ìwé tì, ẹ̀bùn ń ṣòfò nìyẹn. Ẹ fi kún un, máàkì wà níbẹ̀.

Ìwòye ìforígbárí ńkọ́? Ta ló ń jèrè? Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá jà. Ẹ wo ipò òbí àwọn ọmọ A, ẹ wo kíláàsì tí wọ́n fún ní olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù. Bowles àti Gintis, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, kọ ọ́ ní 1976 pé ilé ẹ̀kọ́ ń mú kí àìdọ́gba dà bí ohun tó tọ́ sí kálukú.

Ẹ̀yìn èyí ló kan ìwòye ìbáṣepọ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wọ inú kíláàsì. Olùkọ́ bi ọmọ A ní ìbéèrè, ọmọ dákẹ́. Olùkọ́ dúró dè é, ó tún ìbéèrè náà sọ. Ọmọ D dákẹ́, olùkọ́ ti pe ẹlòmíràn. Ọmọ yẹn mọ ohun tí wọ́n kà á sí, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwádìí Rosenthal àti Jacobson, 1968: wọ́n kàn ṣa orúkọ àwọn ọmọ kan láìwo òye, wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé àwọn ọmọ náà yóò tayọ. Nígbà tí ọdún parí, àwọn kéékèèké inú wọn ti gòkè ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò òye. Àwọn kan ti tako èsì náà, ẹ mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n ìwòye yìí kò ní sọ ẹni tó ń pín owó ilé ẹ̀kọ́ fún yín.

Ó yá, ọgbọ́n mi rèé: ẹ fọwọ́ bo orúkọ ìwòye, kẹ́ ẹ ní kí ẹlòmíràn ka ìpínrọ̀ náà. Bí kò bá mọ èyí tó jẹ́, ìtàn lẹ sọ, ẹ ò tíì lo ìwòye kankan.

Ẹni tó bèèrè èyí tó dáa jù: ẹ wo ohun tí ìbéèrè fún yín. Bó bá jẹ́ iye owó òbí, ẹ mú ìforígbárí ṣáájú. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọmọ jáde, ìbáṣepọ̀ ni.