Táàgì fídíò lórí YouTube: ibo ni àṣìkọ àti orúkọ mìíràn yẹ kí ó wà?

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìbéèrè tí àwọn tó ń gbé fídíò sórí YouTube máa ń bi mí jù ni pé, ṣé àpótí táàgì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń tò mọ́ fídíò kí ẹni tó ń wá a lè rí i, tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé `Details`, tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ `Show more` kí ó tó rí i, ṣì wúlò? Ìdáhùn mi ni pé ó wúlò fún iṣẹ́ kékeré kan. YouTube fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé àkọlé, àwòrán ojú fídíò àti àpèjúwe ló ṣe pàtàkì jù bí ẹni tó ń wá nǹkan yóò bá rí fídíò wa, àti pé táàgì wúlò bí ó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn sábà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ tí fídíò náà dá lé kọ. Yàtọ̀ sí èyí, ipa rẹ̀ kéré púpọ̀.

Ìdí tí agbára rẹ̀ fi dín kù kò ṣòro láti lóye. Òǹwòran kì í rí táàgì. Ohun tí òǹwòran kò bá sì rí, ẹni tó ni fídíò lè kọ ohunkóhun sí i, kódà ohun tí kò sí nínú fídíò rárá. Irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì rí: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Google kéde pé òun kì í lo àwọn ọ̀rọ̀ tí onílé ojú ewé tò pamọ́ sínú `meta keywords` láti fi to èsì ìwákiri, nítorí pé àwọn èèyàn ti lò ó nílòkulò. YouTube kò pa táàgì tì pátápátá bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń wo bí àkọlé, táàgì, àpèjúwe àti ohun tó wà nínú fídíò ṣe bá ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó tún ń wo bóyá àwọn tó tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ jókòó ti fídíò náà. Táàgì kò lè mú ẹnikẹ́ni jókòó.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Aláṣọ kan fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń yọ́ àbẹ́là, tí a ó fi ìda rẹ̀ tẹ iṣẹ́ sára aṣọ funfun, kí a tó rì í sínú aró. Àdìrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ń pe irú àdìrẹ yìí ní kampala, àwọn mìíràn sì ń pè é ní batik. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó rí ẹni tó tẹ `addire` tàbí `adrie` nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá tàbí pé kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sínú àpótí kan náà, bí ẹni pé irú kan ni wọ́n.

Kampala kì í ṣe àṣìkọ. Orúkọ gidi ni, ẹni tó ń pe aṣọ náà bẹ́ẹ̀ sì ń wo ojú èsì ìwákiri bóyá yóò rí orúkọ tó mọ̀. Bí a bá fi orúkọ yẹn pamọ́ sínú táàgì, tí àkọlé wá sọ àdìrẹ nìkan, ó lè fojú fo fídíò wa kódà bí a bá gbé e wá síwájú rẹ̀. Nítorí náà, àkọlé ni àyè rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àkọlé kò bá ti kọjá lẹ́tà 100: «Àdìrẹ kampala: bí a ṣe ń fi ìda àbẹ́là tẹ iṣẹ́ sára aṣọ». Orúkọ kejì tí àkọlé kò gbà yóò bọ́ sínú gbólóhùn àkọ́kọ́ àpèjúwe, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni òǹwòran ń rí kí ó tó tẹ̀ ẹ́ láti kà á síwájú: «Nínú fídíò yìí, a ó fi ìda àbẹ́là ṣe àdìrẹ, èyí tí àwọn kan ń pè ní kampala, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní batik.» Gbólóhùn tó já gaara ni, kì í ṣe ìtòjọ ọ̀rọ̀. Bí a bá to táàgì jàn-ánrẹrẹ sínú àpèjúwe, a ti rú òfin YouTube, wọ́n sì lè yọ fídíò náà kúrò.

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ fún fídíò yẹn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a ń fi láfún tí a sè ya, jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó wá a kò ní fẹ́ wo àbẹ́là, yóò sì kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kampala nìkan lè jẹ́ olú ìlú Uganda, nítorí náà ó sàn kí a máa kọ ọ́ mọ́ aṣọ tàbí àdìrẹ.

Ní ti àṣìkọ, inú táàgì nìkan ni ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá wà nínú àkọlé, yóò bu iyì ẹni tó ń kọ́ni kù. Àpótí náà gba lẹ́tà 500, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti kún un. Fún fídíò wa, èyí tó:

```
adire, adire kampala, addire, adrie, kampalla
```

Ẹ ó rí i pé mo fi `adire` tí kò ní àmì sí i. Èmi kò ka ìyẹn sí àṣìkọ, nítorí pé bí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù nìyẹn. Mo rọ̀ yín kí ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ àmì ohùn kúrò nínú àkọlé yín. Ẹ kọ Yorùbá dáadáa níbi tí ojú ti ń rí i, kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lẹ́ẹ̀kan nínú àpèjúwe àti nínú táàgì.

Báwo ni a ṣe lè mọ àṣìkọ tó yẹ? Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú ẹ̀rọ aṣàwárí yín, kí ohun tí ẹ ti wò tẹ́lẹ̀ má baà yí èsì padà, kí ẹ sì tẹ àṣìkọ náà. Bí YouTube bá kọ `Showing results for adire`, ó ti tún un ṣe fúnra rẹ̀, táàgì yẹn kò sì ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ibi tí kò ti tún un ṣe, tàbí tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá, ni iṣẹ́ wà. Ẹ tún lè wo `YouTube search` nínú Analytics, níbi tí wọ́n to ọ̀rọ̀ tó mú èèyàn wá sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó rí yín nìkan ló wà níbẹ̀. Àṣìkọ tó gbé èèyàn lọ síbòmíràn kò ní hàn. Ohun tí àwọn òǹwòran ń kọ sábẹ́ fídíò máa ń fi irú ìyẹn hàn ju àkọsílẹ̀ yẹn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá táàgì ṣe ohunkóhun, ẹ yí òun nìkan padà, ẹ má fọwọ́ kan àkọlé àti àwòrán. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ wo bóyá àṣìkọ náà ti wọ inú àwọn ọ̀rọ̀ tó mú èèyàn wá. Èyí tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì lo àkókò yín lórí gbólóhùn àkọ́kọ́ àpèjúwe.