Bí a ṣe ń tún síláìdì tò láti ìṣòro dé àbá, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Fáìlì PowerPoint tó wà níwájú wa yìí ní síláìdì 12. Àpẹẹrẹ ni: ìròyìn ọ́fíìsì kan lórí epo jẹnẹrétọ̀, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin. Síláìdì oṣù kìíní ṣáájú, ti oṣù kejì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló tò lọ. Ọ̀gá tó máa buwọ́ lu owó á jókòó dé síláìdì 11 kó tó mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. A fẹ́ tún un tò: ìṣòro, ẹ̀rí, àbá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́ níwájú baálẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rò kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbà tó jí láàárọ̀. Á ní, "Wọ́n ti wọ ilẹ̀ mi," á pe ẹlẹ́rìí, á wá sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un. Ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà ná, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, KÍ Ẹ TÓ GBÉ SÍLÁÌDÌ KANKAN, ẹ lọ sí Notes tó wà lábẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀: "Tẹ́lẹ̀: 1", "Tẹ́lẹ̀: 2", títí dé 12. Ẹ má fò ó o! Bí síláìdì bá ti kúrò ní àyè rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú Notes á máa bá a lọ síbi gbogbo.

Ó yá. Ẹ tẹ View, ẹ tẹ Slide Sorter. Ẹ fi Add Section dá ọ̀wọ́ mẹ́rin sílẹ̀: Ìṣòro, Ẹ̀rí, Àbá, Àfikún.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í la dé yìí. Wọ́n á fa síláìdì lódindi, wọ́n á jù ú sábẹ́ Ẹ̀rí, ó tán. Ẹ wo síláìdì 7, ti oṣù kẹta. Ó ní epo tí wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ kúrò ní lítà 200, ó di 260. Ó ní mẹkáníìkì rí i pé páìpù epo ń jò. Ó tún ní kí wọ́n pààrọ̀ páìpù náà. Ìṣòro, ẹ̀rí àti àbá ló kó sínú síláìdì kan ṣoṣo! Bí ẹ bá gbé e lódindi, àbá yẹn ti há sáàárín ẹ̀rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ẹ PÍN IN, Ẹ MÁ KÀN GBÉ E. Ẹ tẹ síláìdì 7, ẹ tẹ Ctrl+D lẹ́ẹ̀mejì, ó di mẹ́ta. Ẹ tẹ View, ẹ tẹ Normal, torí a ò lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú Slide Sorter. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́: ìkíní á mú lítà epo, ìkejì á mú páìpù tó ń jò, ìkẹta á mú pípààrọ̀ rẹ̀. Nínú Notes, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń jẹ́ "Tẹ́lẹ̀: 7". Ẹ wá fa oníkálùkù sí ọ̀wọ́ tirẹ̀.

Oṣù kẹrin, síláìdì 9, ní lítà 310. Ìṣòro kan náà ni, nítorí náà ẹ da á pọ̀ mọ́ ti oṣù kẹta, kí Notes wá jẹ́ "Tẹ́lẹ̀: 7, 9". Àkọlé "Oṣù Kẹta" ò bójú mu mọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Epo tí à ń lò lọ́sẹ̀ ti kúrò ní lítà 200, ó ti di 310." Lábẹ́ Ẹ̀rí nìkan ni oṣù ṣì lè tò tẹ̀ léra, bó bá jẹ́ pé bí nǹkan ṣe ń pọ̀ sí i lóṣooṣù gan-an ni ẹ̀rí.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ra jẹnẹrétọ̀, ọjọ́ ìpàdé, gbogbo ìyẹn á lọ sí Àfikún. Ẹ fi Hide Slide bò wọ́n. Bí ọ̀gá bá béèrè nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà tí síláìdì yẹn ní báyìí, ẹ tẹ Enter, á yọ. Ẹ kíyè sára o: bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀wọ́ kan kúrò, Remove Section ni kí ẹ tẹ̀. Remove Section & Slides á kó síláìdì inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú!

Tó bá kan àyẹ̀wò, ẹ ṣí ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ẹ má ka iye síláìdì, torí ó ti yí padà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, kí ẹ wá ibi tó wà nínú tuntun nípasẹ̀ nọ́ńbà "Tẹ́lẹ̀". Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ dà á kọ láti ojúlówó lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi "gẹ́gẹ́ bí a ti rí ṣáájú" àti "ẹ wo síláìdì 5", torí ohun tó wà ṣáájú tẹ́lẹ̀ lè ti bọ́ sẹ́yìn báyìí. Bí ẹ bá sì lo Morph láti fi kọjá láti síláìdì kan sí òmíràn, ẹ tún un wò, nítorí síláìdì tó ṣáájú ló máa ń bá ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ti yàtọ̀.