Ìgbà wo lèèyàn lè dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọsìn àwọn Kúékà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ní Ìbàdàn níbí, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré, a ó ti máa wò ó pé jẹnẹrétọ̀ ló kú. Àwọn Kúékà, ìyẹn ìjọ kan tó jáde látinú ẹ̀sìn Kristẹni, ní tiwọn, wákàtí kan gbáko ni wọ́n sábà máa ń jókòó jẹ́ẹ́, kò sí pásítọ̀, kò sí orin, kò sí máìkì. Láti ayé Jọ́ọ̀jì Fọ́ọ̀sì tó dá ìjọ wọn sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 1650, ni wọ́n ti ń ṣe é. (Kì í ṣe gbogbo wọn o, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti Kẹ́ńyà ń kọrin, wọ́n sì ní pásítọ̀.)

Wọ́n á to àga kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti jókòó, ìjọsìn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń dúró de Ọlọ́run pa pọ̀ ni, tí ọkàn bá sá lọ sórí owó ilé, kí èèyàn má bá a jà, kó rọra dá a padà.

Ẹnikẹ́ni ló lè sọ̀rọ̀, tọkùnrin tobìnrin, àmọ́ wíwọ̀n lọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ká ní ìyá kan láti Mọ́kọlá lọ kí ọmọ ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wá bá wọn jókòó. Nígbà tó yá, aládùúgbò ẹ̀ tí wọ́n jọ jà lórí gọ́tà wá sí i lọ́kàn. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ sọ, ẹjọ́ ni, ó fẹ́ rò ó fáyé gbọ́. Ó bi ara ẹ̀ pé ṣé Ẹ̀mí ló ń sọ èyí àbí ìbínú mi? Ó gbé e jù sílẹ̀. Ó tún ṣe díẹ̀, nǹkan míì wá sí i lọ́kàn: láti ìgbà yẹn òun náà ò kí obìnrin ọ̀hún mọ́. Ṣé tèmi nìkan lèyí àbí ti gbogbo wa? Ṣé òní ni àbí kí n gbé e lọlé? Ó gbìyànjú kó gbàgbé ẹ̀, kò lọ, àyà ẹ̀ wá ń lù kìkì. Ọ̀pọ̀ Kúékà mọ àyà tó ń lù yẹn dáadáa.

Ó dìde, ó sọ gbólóhùn mẹ́ta, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó máa ṣe àmín, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn, wọ́n á tún dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹlòmíì tó lè dìde. Tí ẹnì kan bá fò dìde lójú ẹsẹ̀ láti fèsì, ó ti di àríyànjiyàn nìyẹn, ibi tí ìjọsìn ti máa ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó sì ti kó ìwàásù wá látilé, wọ́n á mọ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í tètè tán. Bó bá gùn jù, alàgbà kan á rọra sọ fún un pé a ti gbọ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà míì, wákàtí ọ̀hún á pé, ẹnikẹ́ni ò ní lanu, kò sì bà wọ́n nínú jẹ́. Alàgbà méjì á bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn tó kù náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọsìn parí. Ìkéde àti tíì ló kàn, tí ẹ bá ní ìbéèrè, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.