Fáàtì Inú Iye, Fáàtì Orí Iye, àti Kọ́bọ̀ Méjì Tó Ń Dá Ìjà Sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn olùṣirò owó ló pọ̀ jù níbí, àmọ́ mo rí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìtajà náà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ń bára yín fà á nítorí kọ́bọ̀ méjì tí kò bára mu, ìjà yẹn ni mo sì wá bá yín dá sí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, 7.5% ni owó-orí ọjà tí gbogbo wa ń pè ní fáàtì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020. Kó tó dìgbà náà, 5% ni wọ́n ń gbà láti ọdún 1994. Tí ilé-iṣẹ́ bá ń tajà fún ilé-iṣẹ́, iye tí kò ní fáàtì nínú ni wọ́n sábà máa ń fẹnu kò sí, wọ́n á wá gbé fáàtì lé e nísàlẹ̀ ínfọ́ìsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tí èmi àti ẹ̀yin ti ń ra nǹkan ilé, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà ti ní fáàtì nínú. Ohun tí ẹ rí lẹ ó san.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà ní yíyọ fáàtì kúrò nínú irú iye kejì yìí. Ọjà kan jẹ́ ₦1,000, fáàtì ti wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé kan á ní 7.5% ₦1,000 jẹ́ ₦75, á yọ ọ́ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ ò parí. ₦1,000 yẹn kì í ṣe ọgọ́rùn-ún tí a fẹ́ gbé owó lé, 107.5 tí a ti gbé owó lé tán ni. Fáàtì inú rẹ̀ ni ₦1,000 lọ́nà 7.5, ká wá pín in sí 107.5, ìyẹn ₦69.77. Iye ọjà gan-an jẹ́ ₦930.23. Ọ̀nà láti dá a mọ̀ rọrùn: ẹ gbé 7.5% lé ₦930.23, ó padà sí ₦1,000. Ẹ gbé e lé ₦925 tó kù lọ́wọ́ ẹni tó yọ ₦75, ₦994.38 lẹ ó bá níbẹ̀. Onítọ̀hún ti fi ₦5.23 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ta ìjọba lọ́rẹ láti inú àpò ara rẹ̀. Bí òǹkà kéékèèké bá rọ̀ yín lọ́rùn, 7.5 nínú 107.5 kò yàtọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́tàlélógójì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ìjà wà. Ẹ gbé 7.5% lé ₦1, kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ lẹ ó rí. Ẹ gbé e lé ₦2, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Èyí túmọ̀ sí pé bí iye ọjà bá jẹ́ odidi náírà tó ṣe é pín sí méjì dọ́gba, fáàtì rẹ̀ kì í ní ìdá kọ́bọ̀ rárá. Bí kò bá ṣe é pín, ìdajì kọ́bọ̀ gan-an ló máa kù lẹ́yìn, kò ní dín, kò ní lé. Nígbà tí fáàtì wà ní 5%, náírà kan ń mú kọ́bọ̀ márùn-ún pátápátá wá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi odidi náírà tajà kò fi mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ ìdá kọ́bọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2020 ló gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

Ẹ wo ínfọ́ìsì kan tó ní ìlà mẹ́rin, iye gbogbo wọn kò ní fáàtì nínú: ọṣẹ ìwẹ̀ ₦845, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ₦2,315, ọṣẹ ìfọyín ₦675, bátìrì ₦1,905. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,740. Ẹ gbé 7.5% lé àpapọ̀ yìí, fáàtì jẹ́ ₦430.50, kò sí ìdá kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá mú un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti ọṣẹ ìwẹ̀ jẹ́ ₦63.375, a ó sún un sókè sí ₦63.38. Ti ọṣẹ ìfọṣọ á di ₦173.63, ti ìfọyín ₦50.63, ti bátìrì ₦142.88. Ẹ ro ó pọ̀: ₦430.52. Kọ́bọ̀ méjì ti jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fi í sí.

Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdajì kọ́bọ̀, òfin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé sì ní ká máa sún ìdajì sókè. Ìdajì mẹ́rin tí a sún sókè di kọ́bọ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí ìlà bá pọ̀, èyí tó lọ sókè àti èyí tó lọ sílẹ̀ á pa ara wọn rẹ́. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà tí ìdá náà bá yàtọ̀ síra. Àmọ́ pẹ̀lú 7.5% lórí odidi náírà, kò sí èyí tó ń lọ sílẹ̀ láé. Òkè nìkan ni. Ínfọ́ìsì tó bá ní igba ìlà irú èyí á fi náírà kan lé ojúlówó fáàtì. Náírà kan kò ra nǹkan kan mọ́, mo gbà. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń fi ìwé yín wé ìwé ẹni tó ra ọjà kò mọ̀ pé náírà kan ò ra nǹkan: ohun tó mọ̀ ni pé méjèèjì ò bára dọ́gba, á sì dá ìwé náà padà.

Nínú ìwé oníṣirò orí kọ̀ǹpútà, bí iye ọjà bá wà láti C2 dé C5, ọ̀nà méjèèjì nìyí. Èkíní ń sún àpapọ̀, èkejì ń sún ìlà kọ̀ọ̀kan sínú D kó tó rò wọ́n pọ̀:

```
=ROUND(SUM(C2:C5)*7.5%, 2)
=ROUND(C2*7.5%, 2)      =SUM(D2:D5)
```

Ọ̀nà kẹta kan wà tó burú jù, òun ni mo sì ń rí jù. Akọ̀wé kò lo `ROUND` rárá, ó kàn ní kí kọ̀ǹpútà máa fi òǹkà méjì hàn lẹ́yìn àmì. Lójú, ẹ ó rí 63.38, 173.63, 50.63 àti 142.88, nísàlẹ̀ wọn ẹ ó rí 430.50. Oníbàárà tó bá fi kakulétọ̀ rò ó máa rí 430.52, á sì pè yín ní onírọ́. Bí ẹ bá rí ínfọ́ìsì tí àwọn ìlà rẹ̀ kò ro àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ètò, ẹ fetí sí èyí náà. `round()` inú Python kì í sún ìdajì sókè nígbà gbogbo. Tí iye bá wà láàárín gan-an, ọ̀dọ̀ òǹkà tó ṣe é pín sí méjì ló ń lọ. Bí ẹ bá fi ìlànà yẹn ṣe ìlà mẹ́rin wa, ₦63.38, ₦173.62, ₦50.62 àti ₦142.88 ló máa jáde, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦430.50. Nítorí náà, ètò méjì lè máa ṣiṣẹ́ ní ìlà-ìlà kí wọ́n má sì fẹnu kò síbẹ̀síbẹ̀.

Ti iye tó ti ní fáàtì nínú tún le ju èyí lọ. Ẹ padà sí ọjà ₦1,000 wa. Oníbàárà ra mẹ́rìnlélógún, ẹ jọ gbà pé ₦24,000 ni. Ètò yín ti tọ́jú ₦930.23 gẹ́gẹ́ bí iye ọjà kan. Ó sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, ó jẹ́ ₦22,325.52. Ó gbé fáàtì ₦1,674.41 lé e, àpapọ̀ wá di ₦23,999.93. Oníbàárà ti fi ₦24,000 ránṣẹ́ láti báǹkì, kọ́bọ̀ méje wá dúró sínú ìwé yín bí owó tí ẹ jẹ ẹ́. Ibi tí àléébù wà ni pé ẹ ti gé ìdá kọ́bọ̀ kúrò lára ọjà kan ṣoṣo kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ẹ bá yọ fáàtì láti inú ₦24,000 fúnra rẹ̀, ₦1,674.42 ni, ₦22,325.58 ló kù, àpapọ̀ wọn ò sì yẹ̀.

Àwọn iye mìíràn tiẹ̀ wà tí kò sí bí ẹ ṣe lè dé ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀. ₦150 jẹ́ ọ̀kan. Ẹ gbé 7.5% lé ₦139.53, ₦149.99 ni. Ẹ gbé e lé ₦139.54, ó fò kọjá sí ₦150.01. Kò sí kọ́bọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹni tó ń ta nǹkan ní ₦150 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè: fáàtì ₦10.47, iye ọjà ₦139.53. Bí ayẹ̀wé-owó-wò bá wá ní 7.5% ₦139.53 jẹ́ ₦10.46, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

Bí ẹ bá rò pé àríyànjiyàn àwọn akọ̀wé lásán nìyí, ó ti dé Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ Yúróòpù rí. Ahold, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá ní Nẹ́dálándì, fẹ́ máa gé ìdá owó fáàtì sílẹ̀ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro iye ọjà tí wọ́n ń tà lóòjọ́, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi gba agbẹjọ́rò. Oníbàárà ò ní san owó tó dín, ọwọ́ olùtajà ni ìdá náà máa kù sí. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ilé ẹjọ́ ní òfin àjọ Yúróòpù kò sọ ọ̀nà kan pàtó, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa yan tirẹ̀, kò sì pọn dandan kí wọ́n gba olùtajà láyè láti máa gé e sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún Wetherspoon, àwọn onílé ọtí Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́.

Èwo wá ni kí ẹ yàn? Èmi á ní kí ẹ ṣe é lórí àpapọ̀, kí ẹ ya ọjà tó ń san fáàtì sọ́tọ̀ sí èyí tí kì í san, kí ẹ sì sún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlànà ínfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà ti Yúróòpù náà ń ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí oníbàárà bá fẹ́ rí fáàtì ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ pín àpapọ̀ náà fún àwọn ìlà. Ẹ gé gbogbo wọn sílẹ̀ ná: ₦63.37, ₦173.62, ₦50.62, ₦142.87, ó jẹ́ ₦430.48. Kọ́bọ̀ méjì ló kù. Ìlà tí ìdá rẹ̀ tóbi jù ló yẹ kó gbà á, àmọ́ ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba níbí, nítorí náà ẹ fún méjì tí owó wọn pọ̀ jù: ọṣẹ ìfọṣọ di ₦173.63, bátìrì di ₦142.88.

Kí ẹ sì tọ́jú ohun tí ẹ pín yẹn sínú ètò, ẹ má ṣe máa tún un ṣírò. Tí oníbàárà bá dá ọṣẹ ìwẹ̀ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ₦63.37 lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìlà yẹn. Ètò tó bá tún un ṣírò á dá ₦63.38 padà fún un, ẹ ó sì tún máa wá kọ́bọ̀ kan kiri ní òpin oṣù.