Orílẹ̀-èdè kékeré àti owó ẹlòmíràn: ohun tí ojú Ẹ́kúádọ̀ rí lábẹ́ dọ́là

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀nà mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ kò tóbi lè gbà ṣètò owó rẹ̀, mo sì fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn lónìí. Ó lè ní owó tirẹ̀, kí báńkì àpapọ̀ rẹ̀ máa pinnu iye èlé, kí iye pàṣípààrọ̀ sì máa lọ sókè sódò. Ó lè dá ìgbìmọ̀ owó sílẹ̀, èyí tí kò gbọ́dọ̀ tẹ owó ilẹ̀ náà jáde àfi tí iye rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ ní owó òkèèrè. Ó sì lè pa owó tirẹ̀ rẹ́, kí ó máa ná dọ́là. Èrò tèmi ni pé kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó lè dá ìpayà ọrọ̀ ajé dúró lẹ́yìn odi. Ohun tí ìjọba ń yàn ní ti gidi ni ibi tí ìpayà náà yóò ti bọ́ sí ara ìlú nígbà tí ó bá dé.

Ìgbìmọ̀ owó kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni oríkò rẹ̀ wà, òun ni ó sì ń pèsè owó fún Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ yòókù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní agbègbè wa, títí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Agẹmọ ọdún 1959. Ìlànà rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó yé ènìyàn: kí ṣílè tuntun tó jáde ní Èkó, pọ́n-ùn tí ó dúró fún un gbọ́dọ̀ ti wọ àpò ìgbìmọ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí kòkó bá ń tà dáadáa, owó á pọ̀ nígboro. Nígbà tí iye kòkó bá já wálẹ̀, owó á gbẹ, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí tí ó ní àṣẹ láti tẹ òmíràn. Ohun tí ètò náà fi sanwó fún ìdúróṣinṣin rẹ̀ nìyẹn: ó ń jẹ́ kí owó ṣọ̀wọ́n gẹ́lẹ́ nígbà tí ìlú nílò rẹ̀ jù lọ.

Ajẹntínà gbé irú ètò yìí dìde ní ọdún 1991, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tẹ̀ lé gbogbo òfin rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n fi òfin de owó wọn pé pẹ́sò kan kò ní kúrò ní dọ́là kan. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí ó ti ń ba ilé ayé àwọn ènìyàn jẹ́ sì rọlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1999, Bùràsílì tí ó jẹ́ oníbàárà wọn ńlá jẹ́ kí owó tirẹ̀ wálẹ̀. Ọjà Ajẹntínà di ọ̀wọ́n lójú aládùúgbò rẹ̀, kò sì lè jẹ́ kí pẹ́sò wálẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi di oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2001, àwọn ènìyàn ń sáré kó owó wọn kúrò ní báńkì débi pé ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ju 250 pẹ́sò lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òfin pẹ́sò kan sí dọ́là kan dópin. Òfin ni ó dè é, òfin náà ni ó sì tú u, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé bí ènìyàn bá fẹ́ so ara rẹ̀ mọ́ dọ́là, kí ó kúkú gbé dọ́là fúnra rẹ̀.

Ẹ́kúádọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ìdí ni pé orílẹ̀-èdè yìí ti wà ní ìhà méjèèjì, ó ti ní owó tirẹ̀ tí ń jẹ́ súkìrè, ó sì ti ń ná dọ́là fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ.

Ní ọdún 1998, iye epo rọ̀bì já wálẹ̀, omíyalé tí ìgbóná omi òkun Pàsífíìkì tí wọ́n ń pè ní El Niño fà sì ba oko àti ọ̀nà jẹ́ ní etí òkun. Àwọn tí báńkì yá lówó kò rí i san padà. Báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ súkìrè láti fi gba àwọn báńkì là, àwọn tí owó náà sì bọ́ sí lọ́wọ́ kì í tọ́jú rẹ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń rà lójú ẹsẹ̀. Bí súkìrè ṣe ń pọ̀ ni iye rẹ̀ ń dínkù, bí iye rẹ̀ sì ṣe ń dínkù ni àwọn tí ó jẹ gbèsè ní dọ́là túbọ̀ ń wọko gbèsè, tí báńkì mìíràn yóò tún ṣubú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1999, ìjọba ti báńkì pa, ó sì ní kí owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: báńkì àpapọ̀ tí ó ní òmìnira láti tẹ owó, òun gan-an ni ó tan iná yìí ràn. Ẹni tí ó bá ń yin òmìnira owó gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ ẹni tí òmìnira náà yóò wà fún wa pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2000, Ààrẹ Jamil Mahuad kéde pé dọ́là ni wọn yóò máa ná, 25,000 súkìrè sì ni yóò dúró fún dọ́là kan. Kò ju ọjọ́ méjìlá lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi lé e kúrò lórí oyè, ṣùgbọ́n igbákejì rẹ̀, Gustavo Noboa, tí ó gba ipò, kò yí ìpinnu náà padà. Nígbà tí ó fi di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, súkìrè kì í ṣe owó tí òfin mọ̀ mọ́.

Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà 25,000 yìí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù kan súkìrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 7,000, ní ohun tí ó súnmọ́ 143 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún kan péré, 40 dọ́là ni ó gbà. Ìjọba kò lè yan iye tí ó ṣe àwọn ará ìlú láàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé dọ́là tí ó wà nípamọ́ gbọ́dọ̀ tó láti ra gbogbo súkìrè tí ó wà níta. Nítorí pé súkìrè ti rọ̀ jù nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí dọ́là, gbogbo ọjà ilẹ̀ náà wá pọ́ọ́kú tí a bá fi dọ́là kà á, wọ́n sì ń gòkè láti bá ti òkèèrè dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ngógó ọjà fi tó ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ní òpin ọdún 2000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n ń ná. Ọdún 2002 ni ó tó wálẹ̀ sí abẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá rò pé owó mìíràn ń pa ọ̀wọ́ngógó lọ́jọ́ kan yẹ kí ó wo ọdún méjì yìí.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn onímọ̀ kì í sọ tó. Owó bébà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wọ ìlú kí ó tó lè wà nínú ìlú, yálà láti ọwọ́ ẹni tí ó ta epo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí edé sí òkèèrè, tàbí láti ọwọ́ ẹni tí ó yá a, tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ń ránṣẹ́ sílé láti Sípéènì àti Amẹ́ríkà. Èrè orí títẹ owó, èyí tí ilé ìjọba ń jẹ láti inú owó tirẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ń jẹ ẹ́ báyìí. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ Ẹ́kúádọ̀ ni ẹyọ owó kéékèèké láti sẹ́ńtì kan dé àádọ́ta, tí ó ń gbé jáde lórúkọ ara rẹ̀ kí ó máa bá ti Amẹ́ríkà rìn pọ̀ lọ́jà.

Fún ọdún púpọ̀ nǹkan lọ déédéé, nítorí pé epo ń tà. Àárín ọdún 2014 ni ìdánwò gidi bẹ̀rẹ̀. Epo tí ó ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ ní àgbá kan já wálẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ọgbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Kòlóńbíà, aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà ń ta epo, tí ó sì ní owó tirẹ̀, jẹ́ kí pẹ́sò rẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí 1,900 sí dọ́là kan títí ó fi kọjá 3,000. Ní ti Ẹ́kúádọ̀, dọ́là tí ó ń ná ń lágbára sí i ní àkókò náà gẹ́lẹ́ tí ó yẹ kí owó rẹ̀ rọ̀.

Ààlà tí ó wà láàárín Tulcán ní Ẹ́kúádọ̀ àti Ipiales ní Kòlóńbíà ni a ti lè fojú rí i. Ká sọ pé bàtà kan jẹ́ 95,000 pẹ́sò ní Ipiales. Ní ọdún 2014, àádọ́ta dọ́là ni ẹni tí ó ti Tulcán wá yóò san. Nígbà tí pẹ́sò dé 3,000, bàtà kan náà di nǹkan bí dọ́là méjìlélọ́gbọ̀n, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń tà á dín ohunkóhun. Àwọn ará Ẹ́kúádọ̀ ń gba orí afárá Rumichaca lọ ra aṣọ, táyà àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn onísọ̀ọ̀ Tulcán sì ń wo oníbàárà wọn bí wọ́n ti ń kọjá lọ. Kí onísọ̀ọ̀ náà tó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó wà ní òdì kejì, ó ní láti gé owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, owó ilé rẹ̀ àti èrè rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, nígbà tí òfin àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gba kí owó oṣù já. Nítorí náà iṣẹ́ ni ó ń bọ́ dípò owó oṣù. Ìjọba fi owó orí àfikún tí ó tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sórí ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2015, èyí tí ó jẹ́ ìgbìyànjú láti ṣe ohun tí iye pàṣípààrọ̀ ì bá ti ṣe láìsí aṣọ́bodè.

Èmi kò sọ pé Kòlóńbíà yè bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀wọ́ngógó ọjà rẹ̀ sún mọ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ní àárín ọdún 2016, báńkì àpapọ̀ sì gbé èlé dé 7.75, ìyà náà sì dé ọ̀dọ̀ tálákà tí ń ra oúnjẹ. Ní Ẹ́kúádọ̀ ọjà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè rárá lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé rẹ̀ sún kì nígbà tí ti Kòlóńbíà ṣì ń dàgbà. Ìyà kan náà ni: ìkan pín in láàárín gbogbo ẹni tí ń ná pẹ́sò, èkejì kó o lé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ìjọba Ẹ́kúádọ̀ ti ní àpò ìfipamọ́ owó epo tẹ́lẹ̀, tí ó sì pa á rẹ́ ní ọdún 2008. Orílẹ̀-èdè tí kò lè tẹ owó ni ó nílò irú àpò bẹ́ẹ̀ jù, nítorí pé òun nìkan ni ó kù tí yóò ṣe iṣẹ́ tí báńkì àpapọ̀ ń ṣe. Nígbà tí epo já, wọ́n yá owó lọ́wọ́ Ṣáínà, báńkì àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yá ìjọba nínú owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ara rẹ̀ ni dọ́là tí àwọn báńkì kó pamọ́ síbẹ̀ ní orúkọ àwọn oníbàárà wọn. Àmì tí mo máa ń sọ pé kí ènìyàn ṣọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ń ná dọ́là nìyí: kí ó fi dọ́là tí báńkì àpapọ̀ lè fọwọ́ kàn lónìí wé owó tí àwọn báńkì kó sí i lọ́wọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá kéré ju ti èkejì lọ, ìwé gbèsè ìjọba ni ó ti rọ́pò dọ́là.

Ní oṣù Igbe ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹ́kúádọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí báńkì àpapọ̀ má yá ìjọba lówó mọ́, kí ó sì dá dọ́là tí ó dúró fún owó àwọn báńkì padà sípò díẹ̀díẹ̀. Àwọn báńkì náà ń dá owó jọ sínú àpò pàjáwìrì kan tí báńkì tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lè yá lára rẹ̀. Àpò yẹn lè gba báńkì kan tàbí méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá kọsẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kò ní tó. Òfin náà sì jẹ́ òfin tí ilé aṣòfin mìíràn lè yí padà, gẹ́gẹ́ bí ti Ajẹntínà ti rí.