Bí mo ṣe ń fi Illustrator sọ sẹ́lífì di kàtúùn

Ẹ káàbọ̀ o, Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Sẹ́lífì màmá kan tó ń ta aṣọ òkè la máa lò lónìí, wọ́n fẹ́ kàtúùn tí wọ́n máa gbé sí Wásáàpù tí wọ́n fi ń tajà, wọ́n sì ti ní kí n fi kọ́ yín. Wọ́n wé gèlè, wọ́n kọ pélé, mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Fótò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ò ṣeé lò rárá. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú jù, ohun tó bá sì sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń tóbi, ni imú bá wú tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, tẹ́ ẹ bá ya irú ẹ̀, bó ti wù kọ́wọ́ yín mọ́ tó, ẹni tó ni ojú ò ní dá ara ẹ̀ mọ̀. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́ tán, kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè ti apá kan wá, kí wọ́n sì yọ fíltà, torí fíltà tó ń mú ojú dán yẹn á pa pélé rẹ́.

Ó yá. Ẹ ṣí fáìlì tuntun, 1000 sí 1000, ẹ lọ sí File > Place kẹ́ ẹ gbé fótò wọlé. Ẹ tẹ orúkọ léyà tí fótò wà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máàkì Template, àwọ̀ fótò á ṣí díẹ̀, kò sì ní máa sún kiri mọ́. Ẹ wá ṣí léyà tuntun lé e lórí, ibẹ̀ la ti máa yà.

Ẹ tẹ P kí Pen Tool jáde, ẹ yọ Fill, ìyẹn àwọ̀ inú, ẹ fún Stroke, ìyẹn ìlà etí, ní pupa kẹ́ ẹ lè rí ojú ọ̀nà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: wọ́n á máa tẹ máùsì tó tó, póìǹtì ogójì lórí ojú kan, àgbọ̀n á wá rí gbágungbàgun bí ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ibi tí ojú ti yí gan-an nìkan ni kẹ́ ẹ fi póìǹtì sí. Fún màmá yìí, mo fi ọ̀kan sẹ́bàá etí ọ̀tún, ọ̀kan síbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń wọlé, ọ̀kan sísàlẹ̀ àgbọ̀n, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gòkè sápá òsì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má tíì fi sílẹ̀, ẹ fà á kí ìlà tẹ̀. Lókè, ẹ má dúró sétí gèlè o, ẹ jẹ́ kí iwájú orí wọ abẹ́ gèlè lọ, torí tẹ́ ẹ bá fi etí kan etí, ìlà funfun tín-ín-rín á máa yọ láàárín wọn.

Tí ojú bá pé, ẹ tẹ Shift+X kí àwọ̀ kún inú. Mi ò kí ń fi Eyedropper mú àwọ̀ látinú fótò, ibi tó ń dán ló sábà máa ń mú, àwọ̀ ara á wá rí bí eérú. Fún màmá, `#8D5524` ni mo lò, òjìji sì jẹ́ `#6B3A1C`, ó dúdú jù ú lọ ṣùgbọ́n ó ṣì pọ́n díẹ̀.

Òjìji yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa yà á. Ẹ tẹ Ctrl+C àti Ctrl+F kí ojú di méjì, ẹ ya ńǹkan ńlá kan lé apá tí fèrèsé ò sí, ẹ kun àwọ̀ òjìji, kó yọ síta ojú, kò séwu. Ẹ mú òun àti ojú tókè, ẹ lọ sí Pathfinder, ẹ tẹ Intersect. Èyí tó yọ síta á gé dànù, òjìji á bá àgbọ̀n mu géérégé.

Ó wá ku pélé. Nígbà àkọ́kọ́ mi ò fi sí i, mo rò pé kàtúùn ò nílò ẹ̀, màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta rèé?" Ó dùn mí, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlà mẹ́ta lóòró, Stroke 8, Round Cap, àwọ̀ tó tún dúdú ju òjìji lọ, kẹ́ ẹ sì fi àyè sáàárín wọn ju bó ṣe wà nínú fótò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dì pọ̀ tí àwòrán bá kéré. Lẹ́yìn náà, Object > Path > Outline Stroke, torí tẹ́ ẹ bá sún àwòrán kéré láìṣe bẹ́ẹ̀, ojú lè kéré kí ìlà má kéré, ó wá dà bí ẹni lẹ plásítà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi Zoom sún un kéré kó tó èékánná àtàǹpàkò lójú kọ̀ǹpútà. Wásáàpù máa ń gé fótò profáìlì ní róbótó, etí gèlè màmá kọ́kọ́ lọ, mo fà á wọnú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ka pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ sí File > Export > Export As, ẹ mú PNG, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.