Ọ̀rọ̀ Tí Ó Fa Hurd Wọ Àdéhùn

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹjọ́ Redgrave àti Hurd ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí.

Ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà àgbàlagbà kan, Redgrave, polówó pé òun ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́, tí yóò sì ra ilé òun. Hurd jẹ́ ìpè náà. Redgrave ní iṣẹ́ òun ń mú nǹkan bí 300 pọ́n-ún wọlé lọ́dún, àmọ́ àkọsílẹ̀ tó gbé síwájú kò tó 200. Nígbà tí Hurd béèrè ibi tí ìyókù ti ń wá, Redgrave nawọ́ sí ìdì ìwé kan. Hurd ò tú u wò. Ó gbà láti ra ilé náà ní 1,600 pọ́n-ún, ó sì san 100 sílẹ̀. Ìgbà tó yá ló mọ̀ pé owó tó wà nínú ìdì ìwé yẹn kò tó nǹkan. Ó ní òun ò rà mọ́. Redgrave gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Àwíjàre Redgrave ni pé ìwé wà níwájú Hurd, kí ló dé tí kò kà á? Lọ́dún 1881, Adájọ́ Jessel ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ fa ènìyàn wọ àdéhùn kò lè wá máa bá a wí pé kò wádìí òun. Wọ́n wọ́gi lé àdéhùn náà, 100 pọ́n-ún sì padà sọ́wọ́ Hurd. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yìí pátápátá.

Ṣùgbọ́n Hurd béèrè owó gbà-má-bínú pẹ̀lú, kò sì rí i gbà. Nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, kò sọ pé Redgrave mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí ẹ̀yà nìyí. Láti wọ́gi lé àdéhùn, ó tó pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, àní bí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀. Owó gbà-má-bínú ń fẹ́ ẹ̀bi. Lọ́dún 1889, nínú ẹjọ́ Derry àti Peek, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé jìbìtì ni bí ènìyàn bá mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí tí kò gbà á gbọ́, tàbí tí kò bìkítà bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn kò lu jìbìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fara balẹ̀ wádìí.

Ẹni tí irú àìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa lára kì í sábà rí owó gbà-má-bínú gbà títí di 1963, nígbà tí ẹjọ́ Hedley Byrne ṣílẹ̀kùn fún un. Òfin ọdún 1967 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá yí ẹrù sórí ẹni tó sọ̀rọ̀: òun ni yóò fi hàn pé òun ní ìdí gúnmọ́ láti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn lọ́yà wa ní Nàìjíríà, ẹ má gbàgbé pé nínú àwọn òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àwọn òfin gbogboogbò tó wà ní 1 Oṣù Kìíní 1900 la jogún. Ti 1967 kò bá wọn dé.

Ẹ̀tọ́ láti wọ́gi lé àdéhùn tún máa ń kú. Ọkùnrin kan ra àwòrán ní 85 pọ́n-ún ní 1944, wọ́n ní Constable, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yà á. Ọdún márùn-ún kọjá kó tó gbọ́ pé kì í ṣe Constable. Ní 1950 ilé ẹjọ́ ní ó ti pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe kó rí owó gbà-má-bínú gbà lórí àdéhùn tí wọ́n yẹ̀, ṣùgbọ́n wíwọ́gi lé àdéhùn nìkan ló béèrè, àwòrán náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.